Ámpílì kékeré tí a ṣe fún ẹ̀kọ́, àti ìdàrú tó ń sá pamọ́ sínú ohùn kékeré

Àwa mẹ́ta tí a jọ ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ la ń kọ̀wé yìí. Ọmọ Kétu ni ọ̀kan nínú wa, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ ni ìkejì, ọmọ Àjàṣẹ́ ni ìkẹta. Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa ní gbogbo ohun tí a fẹ́ sọ yìí, Faransé náà la sì fi kọ ìròyìn iṣẹ́ wa. Àmọ́ nígbà tí bàbá àgbà ọ̀rẹ́ wa ará Kétu bi wá pé, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, kí lẹ ń wọ̀n lára ohùn? Ṣé ohùn ṣe é wọ̀n bí àgbàdo ni?", ó di dandan kí a wá ọ̀rọ̀ sí i ní èdè wa. Ohun tí a sọ fún Bàbá náà la kó jọ síbí, a sì fi díẹ̀ kún un fún àwọn tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wa nìyí: kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ámpílì kékeré kan tó lè gbé báfù óòmù 8, èyí tí àwọn ará wa ní Nàìjíríà ń pè ní sípíkà. Ìdàrú rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó 1% nígbà tí a bá fún un ní ohùn 1000 Hz, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ìdajì agbára rẹ̀. Láti 100 Hz títí dé 15000 Hz, ohùn tó ń jáde kò gbọdọ̀ fi ju 3 dB lọ sílẹ̀. Ìyẹn ni pé agbára tó ń jáde kò gbọdọ̀ dín ju ìdajì lọ níbikíbi láàárín méjèèjì.

Ìlànà tó dáa ni. Ṣùgbọ́n a ti mọ ibi tí ámpílì wa máa gbé lẹ́yìn ìdánwò: yàrá Bàbá ní Kétu. Rédíò Bàbá ṣì ń gba ìròyìn dáadáa, ẹ̀yà ara rẹ̀ tó ń gbé báfù ló ti kú. Lóru ni Bàbá sì máa ń gbọ́ rédíò, ní ohùn jẹ́jẹ́, kí ó má baà jí àwọn ọmọ. Nítorí náà a mú báfù kan lọ bá a, a fi ámpílì ilé ẹ̀kọ́ gbé e, a ní kí ó yí bọ́tìnnì dé ibi tó máa ń fi sí lóru, a sì fi ọsilosíkóòpù wo iná tó ń lọ sí báfù. Ṣóńṣó ìgbì náà kò ju fóòtì 0,35 lọ. Lórí óòmù 8, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi mílíwáàtì 8. Ìdajì agbára tí ìlànà ilé ẹ̀kọ́ ní kí a fi wọ̀n ọ́n jẹ́ nǹkan bíi mílíwáàtì 330 nínú ẹ̀rọ tiwa. Ó ju ìlọ́po ogójì lọ. Ibi tí wọ́n ní kí a wọ̀n àti ibi tí Bàbá ń gbé jìnnà síra, a sì pinnu pé ibi méjèèjì la máa wọ̀n.

Bí a ṣe tò ó nìyí. Bátìrì alùpùpù fóòtì 12 ló ń fún un ní iná, torí kúrán ìlú lè lọ nígbàkigbà. Ọmọ ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan tí wọ́n kọ NE5532 sí lára ló ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Rẹsísítáńsì méjì la fi sọ fún un pé kí ó sọ ohùn di ìlọ́po 11. Àmọ́ ọmọ ẹ̀rọ yìí kò lágbára láti gbé báfù fúnra rẹ̀, nítorí náà tíránsísítọ̀ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, BD139 àti BD140. Ọ̀kan ń ti báfù, èkejì ń fà á. Kọ̀ńdáńsátọ̀ ńlá kan wà láàárín àwọn àti báfù, kí fóòtì 6 tó dúró sójú kan níbẹ̀ má baà lọ jó wáyà inú báfù.

Àárín tíránsísítọ̀ méjèèjì yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ wo ẹni méjì tí wọ́n jọ ń gún iyán nínú odó kan. Bí ti ọ̀kan bá ń lọ sókè, ti èkejì ń bọ̀ wálẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti gbé ọmọ odó rẹ̀ kúrò tán, tí èkejì kò tíì bẹ̀rẹ̀, odó á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni tíránsísítọ̀ wọ̀nyí rí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ní ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ àyàfi tí iná tó wá kàn án bá tó nǹkan bíi fóòtì 0,65. Nígbà tí ìgbì ohùn bá ń kọjá láti òkè sí ìsàlẹ̀, àkókò kan wà tí BD139 ti tilẹ̀kùn tí BD140 kò tíì ṣí tirẹ̀. Ní àkókò yẹn, nǹkan kan kò dé báfù. Àlàfo yìí ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń bẹ̀rù jù lọ nínú irú ámpílì yìí, a sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ́kọ́ tò ó láìtún àlàfo náà ṣe, kí a lè rí i lójú.

Kí a tó fi ẹ̀rọ kankan wọ̀n ámpílì, a kọ́kọ́ wọ̀n ohun tí a fẹ́ fi wọ̀n ọ́n. Ilé ẹ̀kọ́ kò ní ẹ̀rọ ìwọn ìdàrú. Káàdì ohùn kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà la lò: ó ń fi ọ̀nà kan rán ohùn jáde, ó ń fi èkejì gbà á wọlé. A so ojú ìjáde rẹ̀ mọ́ ojú ìwọlé rẹ̀ tààrà, láìsí ámpílì láàárín, a sì wo ìdàrú tí òun fúnra rẹ̀ ń ṣe. Ó jẹ́ 0,015%. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn, torí kò sí ohun tó kéré jù ú lọ tí káàdì yìí lè fi hàn wá ní òtítọ́. Púrọ́fù wa bi gbogbo ẹgbẹ́ ní ìbéèrè yìí lọ́jọ́ ìdánwò: "Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kì í ṣe káàdì yín lẹ wọ̀n?" Ìdáhùn wa kò ju bébà kan lọ, ìwé ìwọn káàdì náà nìkan.

Àwọn nǹkan mìíràn wà tó lè ba ìwọn jẹ́. A kò so báfù mọ́ ámpílì nígbà tí a ń wọ̀n, rẹsísítáńsì óòmù 8 tó lè gba wáàtì 5 la fi rọ́pò rẹ̀. Ó gba etí àwọn aládùúgbò là, iye óòmù rẹ̀ kò sì yí padà bí ohùn bá ń yí, báfù gidi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ohùn ńlá, a fi rẹsísítáńsì méjì pín iná tó ń lọ sínú káàdì sí ọ̀nà 11 kí ó má baà pọ̀ jù fún un. Fún ohùn kékeré a yọ ìpín náà kúrò. A sì fa wáyà kúrán kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó ń lo bátìrì rẹ̀. Bí ẹ kò bá ṣe ìyẹn, ẹ ó rí òpó kan tó dúró gbọnyin ní 50 Hz lójú ìwòran. Kúrán ìlú ni, kì í ṣe ámpílì.

Kí ni ìdàrú tí à ń wọ̀n gan-an? Bí a bá fún ámpílì ní ohùn kan ṣoṣo tó mọ́, bíi ti 1000 Hz, ohùn kan ṣoṣo yẹn nìkan ló yẹ kó jáde. Bí ámpílì bá tẹ ìgbì náà níbì kan, àwọn ohùn tí a kò fún un á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde pẹ̀lú rẹ̀: 2000, 3000, 4000, 5000, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn. Ìlọ́po là ń pè wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà, òpó gíga kan ni ohùn gidi, àwọn òpó kúkúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ìdàrú. Àlàfo àárín tíránsísítọ̀ ní àmì tirẹ̀ tí ẹ lè fi dá a mọ̀: ìlọ́po kẹta, ìkarùn-ún, ìkeje, ìkẹsàn-án ló ń mú jáde, wọn kì í sì í tètè kúrú bí a ti ń lọ sókè. Bí ẹ bá rí i pé ìlọ́po kejì ló ga jù, ibòmíràn ni kí ẹ ti wá ẹ̀bi.

Ámpílì àkọ́kọ́ wa, tí a kò tíì tún àlàfo rẹ̀ ṣe, ni a wọ̀n. Nígbà tí ṣóńṣó ohùn tó ń jáde jẹ́ fóòtì 2,3, ìdàrú jẹ́ 14%. Nígbà tí a dín in kù sí fóòtì 0,35, ìwọ̀n ohùn Bàbá lóru, ó gòkè dé 51%. Ẹ tún un kà: ohùn dín kù, ìdàrú pọ̀ sí i. Ìdí rẹ̀ kò le. Àlàfo náà kò tóbi sí i, kò sì kéré sí i, ohùn ló ń kéré tí àlàfo fi ń jẹ apá tó pọ̀ nínú rẹ̀. A fi ìṣírò wá a lórí bébà pẹ̀lú fóòtì 0,65 yẹn, nǹkan bíi 14 àti 51 náà ló fún wa, nítorí náà ọkàn wa balẹ̀ pé àlàfo là ń rí, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Nígbà tí a so báfù mọ́ ọn tí Bàbá gbọ́, gbólóhùn kan ló sọ: "Ẹ̀rọ yín yìí ń jẹ ọ̀rọ̀." A kò rí àlàyé kankan nínú ìwé wa tó dára ju ìyẹn lọ.

Ọ̀nà àkọ́kọ́ láti tún un ṣe kò ná wa ní kọ́bọ̀. NE5532 máa ń wo ohun tó ń jáde, ó ń fi wé ohun tó wọlé, ó sì ń ṣàtúnṣe ìyàtọ̀ tó bá rí. Ìdápadà nìyẹn. Nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́, ẹnu ara rẹ̀ ló ń wò, kò rí ohun tí àwọn tíránsísítọ̀ ń ṣe lẹ́yìn rẹ̀. A tú wáyà ìdápadà náà kúrò níbẹ̀, a lọ jó o mọ́ ibi tí àwọn tíránsísítọ̀ ti pàdé. Nísinsìnyí, bí ìgbì bá dé àlàfo, NE5532 á rí i pé nǹkan kan kò jáde, á fò kọjá àlàfo náà kíákíá, á sì mú tíránsísítọ̀ kejì jí.

Iṣẹ́ ńlá ni wáyà kan yẹn ṣe. Ní fóòtì 2,3, ìdàrú já wálẹ̀ láti 14% sí 0,1%. Ní fóòtì 0,35, ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣírò rẹ̀ pọ̀, torí ọ̀pọ̀ ló ń bi wá bí a ṣe ń sọ dB di ìpín nínú ọgọ́rùn-ún. Lójú kọ̀ǹpútà, ìlọ́po kẹta fi 50 dB kéré sí ohùn gidi, ìkarùn-ún fi 51, ìkeje fi 52, ìkẹsàn-án fi 54. Ẹ fi 20 pín dB, ẹ wá gbé 10 sí agbára náà pẹ̀lú àmì ìyọkúrò, ẹ ó rí ìdá tí òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ nínú ohùn gidi:

```
h3 = 10^(-50/20) = 0,0032
h5 = 10^(-51/20) = 0,0028
h7 = 10^(-52/20) = 0,0025
h9 = 10^(-54/20) = 0,0020
THD = √(h3² + h5² + h7² + h9²) = 0,0053 = 0,53%
```

A kì í kàn ṣe àròpọ̀ wọn, ìdí nìyẹn tí a fi sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn kí a tó rò wọ́n pọ̀, tí a sì wá gbòǹgbò rẹ̀ lẹ́yìn náà. Bí a bá ka àwọn ìlọ́po tó tún wà lókè ìkẹsàn-án mọ́ ọn, ó tó 0,6%. Ní ohùn ńlá tàbí ní ohùn kékeré, kò tó 1% tí ilé ẹ̀kọ́ béèrè. Ẹgbẹ́ mìíràn ti pa àpótí wọn dé níbí.

Àmọ́ Bàbá gbọ́ ẹ̀dà kejì yìí, ó ní ó ti dára gan-an, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan ṣì ń sá fún òun. A kọ́kọ́ rò ó sí ọjọ́ orí, torí etí àgbàlagbà kì í gbọ́ ohùn tínrín dáadáa mọ́. Ìyẹn lè rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi ẹ̀rọ léèrè kí a tó di ẹ̀bi ru etí Bàbá. Ìbéèrè wa ni pé: NE5532 ń fò kọjá àlàfo, ṣùgbọ́n ṣé fífò náà kì í gba àkókò ni? Ó ń gbà á. Ní 1000 Hz, ìgbì kan gùn ní ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, àkókò fífò náà kò jẹ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí ìgbì bá kúrú, fífò náà á di apá tó hàn. Ohùn kọ́ńsónáǹtì bíi "s" àti "f" sì ń gbé lókè, ní bíi 4000 Hz sókè, wọ́n sì kéré jọjọ sí ohùn fáwẹ̀lì tó ń tẹ̀ lé wọn. Ohùn tó kéré, tó sì yára: ibi méjèèjì tí àlàfo ti ń jẹun ni wọ́n wà.

Níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún ìdẹkùn kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdàrú ohùn tínrín lè sọ pé òun á fi 10000 Hz wọ̀n ọ́n. Nọ́ńbà tó dára gan-an ló máa rí, irọ́ sì ni. Káàdì tó ń gba ohùn sílẹ̀ ní ìgbà 48000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò lè rí ohùn tó bá ju 24000 Hz lọ. Ìlọ́po kẹta 10000 jẹ́ 30000. Àwọn ìlọ́po tí àlàfo ń mú jáde, gbogbo wọn ti wà níta ojú káàdì, òpó ìdàrú á kúrò lójú ìwòran, inú ẹni á sì dùn. A lo 6000 Hz dípò rẹ̀, torí ìlọ́po kẹta rẹ̀, 18000, ṣì wà níbi tí káàdì lè rí. Ní fóòtì 0,35, òpó ìlọ́po kẹta yẹn nìkan fún wa ní 1,7%, láìka àwọn tí a kò rí. Fún ohùn "s" gidi, tó kéré jìnnà sí fóòtì 0,35, ó máa burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá kò parọ́.

Àtúnṣe tòótọ́ ni kí a má jẹ́ kí tíránsísítọ̀ kankan sùn rárá. Díódì kékeré méjì, 1N4148, la fi sáàárín ẹnu ọ̀nà àwọn tíránsísítọ̀ méjèèjì, rẹsísítáńsì óòmù 2200 méjì sì ń fún wọn ní iná. Díódì kọ̀ọ̀kan ń gbé nǹkan bíi fóòtì 0,65 dúró, ìyẹn gan-an ni ohun tí tíránsísítọ̀ ń béèrè kí ó tó ṣílẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn méjèèjì á wá ṣí díẹ̀ nígbà gbogbo, kúrán kékeré kan á máa gba àárín wọn kọjá bí kò tilẹ̀ sí ohùn kankan. Kúrán ìsinmi là ń pè é. A fi kọ̀ńdáńsátọ̀ 47 µF sẹ́gbẹ̀ẹ́ díódì kọ̀ọ̀kan, torí nígbà tí ohùn bá le, rẹsísítáńsì 2200 yẹn nìkan kò lè fún tíránsísítọ̀ ní kúrán tó, kọ̀ńdáńsátọ̀ ló máa jẹ́ kí NE5532 ràn án lọ́wọ́.

Kúrán ìsinmi yìí ló lè jó ẹ̀rọ bí a kò bá ṣọ́ ọ. Bí tíránsísítọ̀ bá ṣe ń gbóná, fún ìwọ̀n ooru kọ̀ọ̀kan tó bá fi gòkè, iná tó ń béèrè kí ó tó ṣílẹ̀kùn ń dín kù ní bíi mílífóòtì 2. Ìyẹn ni pé bó ṣe ń gbóná ló ń ṣílẹ̀kùn sí i, bó sì ṣe ń ṣílẹ̀kùn sí i ló ń gbóná sí i. Nǹkan méjì ló ń dí i lọ́wọ́. Èkíní, a so díódì mọ́ ara tíránsísítọ̀, kí wọ́n jọ gbóná, torí fóòtì díódì náà ń bọ̀ wálẹ̀ pẹ̀lú ooru. Èkejì, a fi rẹsísítáńsì óòmù 1 sí ẹsẹ̀ tíránsísítọ̀ kọ̀ọ̀kan. Rẹsísítáńsì yìí tún wúlò fún ìwọn: mílífóòtì tí ẹ bá kà lórí rẹ̀, iye mílíáḿpíà kúrán ìsinmi náà nìyẹn. Tiwa dúró sí 20, lẹ́yìn ìdajì wákàtí ó jẹ́ 22, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Bí ó bá ń gòkè láìdúró, ẹ tètè yọ bátìrì. Bí tíránsísítọ̀ bá sì ń gbóná kíákíá nígbà tí kò sí ohùn kankan, tí ìlà ojú ọsilosíkóòpù sì nípọn bí òwú tó ti hú, ámpílì náà ló ń kọrin fúnra rẹ̀ lókè tí etí kò lè gbọ́. Rẹsísítáńsì óòmù 10 àti kọ̀ńdáńsátọ̀ 100 nF tí a tò tẹ̀ lé ara wọn ní ojú ìjáde ló ń pa á lẹ́nu mọ́.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tutù tán, a tún wọ̀n ọ́n. Ní fóòtì 0,35: ìdàrú jẹ́ 0,03% ní 1000 Hz, 0,05% ní 6000 Hz. Méjèèjì ti sún mọ́ 0,015% tí káàdì fúnra rẹ̀ ń ṣe débi pé a kò ní fi ọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ti ámpílì. Ohùn ńlá náà kò yàtọ̀, títí tí ṣóńṣó ìgbì fi dé bíi fóòtì 3,3. Lẹ́yìn ìyẹn, orí ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í kan àjà, ìdàrú fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tí a lè ṣe sí ìyẹn, fóòtì 12 kò ju fóòtì 12 lọ.

Ìwọ̀n ohùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè rọrùn ju ìdàrú lọ, a kò ní pẹ́ níbẹ̀. Kọ̀ńdáńsátọ̀ ojú ìjáde ló ń pinnu ìsàlẹ̀. Ibi tí ohùn ti máa fi 3 dB lọ sílẹ̀ jẹ́ f = 1/(2πRC). Pẹ̀lú 220 µF àti óòmù 8, ìṣírò ní 90 Hz. Nígbà tí a wọ̀n ọ́n, 98 Hz ló jẹ́. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe àjé: 98 Hz ń sọ fún wa pé kọ̀ńdáńsátọ̀ náà jẹ́ nǹkan bíi 203 µF ní tòótọ́, àwọn tó ṣe irú rẹ̀ sì máa ń gbà pé ó lè fi 20% kéré tàbí pọ̀. Ṣùgbọ́n ó wà létí 100 Hz tí ìlànà béèrè jù. Bí kọ̀ńdáńsátọ̀ bá gbẹ díẹ̀ nínú ooru ilé wa, á kọjá sí òdìkejì. A fi 470 µF rọ́pò rẹ̀, ó sọ ọ́ di nǹkan bíi 42 Hz. Ẹnì kan nínú wa fẹ́ kí a fi 1000 µF sí i kí ìlù lè dún. Àwa yòókù kọ̀: báfù kékeré Bàbá kò lè sọ ohùn 42 Hz jáde rárá, owó kọ̀ńdáńsátọ̀ á kàn ṣòfò ni.

Ọ̀rọ̀ kan ń kọ́ wa lóminú níbẹ̀. Èdè wa ń fi òkè àti ìsàlẹ̀ ohùn sọ̀rọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin sì lè lọ sí bíi 90 Hz. Bí ámpílì bá dín ibẹ̀ kù, ṣé "ọkọ" kò ní di "ọkọ̀" bí? Kò ní dì í. Etí ń ti ara àwọn ìlọ́po ohùn mọ gíga rẹ̀. Tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 300 Hz, síbẹ̀ a ń fi í sọ Yorùbá, a sì ń gbọ́ ara wa yé. Àwọn kọ́ńsónáǹtì tó tínrín ló ń sọnù lórí tẹlifóònù, tí ẹni fi ń ní kí wọ́n tún orúkọ pè. Lókè, kọ̀ńdáńsátọ̀ 470 pF kan ló ń dá ámpílì wa dúró ní bíi 34000 Hz. Káàdì kò lè rí ibẹ̀, ọsilosíkóòpù ilé ẹ̀kọ́ la fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 15000 Hz, ohùn kò fi ju 1 dB lọ sílẹ̀.

Ó wá ku etí Bàbá. A gba ogún ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀kan nínú wa, àwọn ọ̀rọ̀ tí kọ́ńsónáǹtì kan ṣoṣo yà sọ́tọ̀: "fẹ́" àti "sẹ́", "fá" àti "sá", "fín" àti "sín". A dà wọ́n pọ̀, a gbé wọn jáde ní ìwọ̀n ohùn tó fi ń gbọ́ rédíò lóru, a kò sì sọ ẹ̀rọ tó ń gbọ́ fún un. Pẹ̀lú ẹ̀dà kejì, tó ti yege ìlànà ilé ẹ̀kọ́, ó mọ 13. Pẹ̀lú ẹ̀dà kẹta, ó mọ 18. Ogún ọ̀rọ̀ kéré, etí ẹnì kan ṣoṣo ni, a kò sì fi í sínú ìròyìn iṣẹ́ wa bí ẹ̀rí. Púrọ́fù kà á níbi tí a kọ ọ́ sí lẹ́yìn ìwé, ó ní kí a gba ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí a sì wá ẹni mẹ́wàá tó ti dàgbà. A ti rí mẹ́rin ní Kétu.

Ohun tí ẹ̀dà kẹta ń gbà lọ́wọ́ Bàbá ni bátìrì. Ẹ̀dà kejì kì í lo ju nǹkan bíi mílíáḿpíà 10 lọ bí kò bá sí ohùn. Èyí ń lo 30, kúrán ìsinmi àti ti díódì ló fi kún un. Bátìrì wa jẹ́ ti áḿpíà wákàtí 7, nítorí náà bí Bàbá bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó máa gbẹ láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. A fi bọ́tìnnì pupa kan sí iwájú rẹ̀ àti iná kékeré kan tó ń tàn bí ẹ̀rọ bá wà ní ṣíṣí. Bàbá ní iná náà mọ́lẹ̀ jù lóru, ó ti fi aṣọ bò ó.